Owó Tó Ń Dúró De Ẹrù

Ẹni tó bá ti ra ọjà lórí Instagram tàbí WhatsApp rí mọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa ń há sí. Ọlọ́jà ní kí owó kọ́kọ́ wọlé kí òun tó di ẹrù, torí pé kò mọ ẹni tó ń bá òun sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni oníbàárà tó ní kí wọ́n gbé ọjà wá sílé lè pa fóònù rẹ̀ nígbà tí ọlọ́kadà bá dé ẹnu ọ̀nà. Oníbàárà náà ní òun ò lè fi owó ránṣẹ́ sí ẹni tí òun ò rí rí. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ní ọjà Bódìjà tàbí Gbági, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣẹlẹ̀, torí bí ọwọ́ kan ṣe ń gba owó ni ọwọ́ kejì ń na ẹrù síta. Lórí ayélujára, ẹnì kan ní láti kọ́kọ́ yọ̀ǹda ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni náà ló sì gbé ewu lérí.

Nígbà tí Jumia bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 2012, ó gbé ewu náà ka ara rẹ̀ lórí: ẹrù á kọ́kọ́ délé, kí oníbàárà tó sanwó. Ilé iṣẹ́ ńlá tí àwọn olùdókòwò wà lẹ́yìn rẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí oníbàárà bá kọ ẹrù, ilé iṣẹ́ ló máa ru owó àlọ àti àbọ̀. Ọjà kékeré tí èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ń darí kò lè rù ú fún oṣù kan. Ohun tó bá irú ọjà bẹ́ẹ̀ mu ni kí owó kúrò lọ́wọ́ oníbàárà, kó má sì tíì dé ọwọ́ ọlọ́jà, kó dúró láàárín títí oníbàárà á fi jẹ́rìí pé ẹrù ti dé. Ètò yìí ni wọ́n ń pè ní ẹ́síkírò.

Ibi tó ti kọ́kọ́ hàn gbangba pé ètò náà lè gbé odindi ọjà dìde ni ìlú Hangzhou ní ilẹ̀ Ṣáínà. Taobao bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2003. Àwọn èèyàn ń wo ọjà, àmọ́ ẹ̀rù ń bà wọ́n láti fi owó ránṣẹ́ sí àjèjì. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà ni wọ́n dá Alipay sílẹ̀ láti máa di owó mú. Ọjà àkọ́kọ́ tó gba ọwọ́ Alipay kọjá jẹ́ kámẹ́rà àlòkù Fuji kan. Ọlọ́jà wà ní Jàpáánù, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ìlú Xi'an ló rà á, yuan 750 sì ni iye rẹ̀. Alipay ti di òmìrán lónìí, ṣùgbọ́n ohun tó fi bẹ̀rẹ̀ kò ju àkáǹtì báńkì, ìwé ìṣírò àti àwọn òṣìṣẹ́ díẹ̀ tó ń fi ojú àti ọwọ́ yẹ owó tó wọlé wò. Ìyẹn ni mo ṣe gbà pé kò sí ọjà tó kéré jù fún ẹ́síkírò. Dídi owó mú kì í ṣe iṣẹ́ tó le. Iṣẹ́ tó le ni mímọ ìgbà tó yẹ láti tú u sílẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ọjà kékeré ti ń kọsẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ahunṣọ kan ní Ìsẹ́yìn. Ó gbé aṣọ òkè àlàárì tó ti hun tán sórí ọjà kékeré kan tó wà fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́: ìró, gèlè àti ìpèlé, ₦120,000. Obìnrin kan ní Sùúrùlérè fẹ́ ẹ fún ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀. Owó ọkọ̀ láti Ìsẹ́yìn dé Èkó jẹ́ ₦4,000, nítorí náà ó fi káàdì báńkì san ₦124,000 ní ọjọ́ Ajé. Ọjà náà ti kọ ọ́ síta pé òun á yọ ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lára iye aṣọ, ìyẹn ₦3,600. Bí gbogbo nǹkan bá lọ déédéé, ₦116,400 ló máa dé ọwọ́ ahunṣọ, awakọ̀ á sì gba ₦4,000 tirẹ̀.

Owó náà kò wọlé pé. Ilé iṣẹ́ tó ń bá ọjà gba owó káàdì ní owó iṣẹ́ tirẹ̀. Ti Paystack, fún àpẹẹrẹ, jẹ́ ìdá kan àtààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún pẹ̀lú ₦100, kò sì ní ju ₦2,000 lọ. Lórí ₦124,000, ìyẹn jẹ́ ₦1,960. Ohun tó máa wọ àkáǹtì ọjà ní ọjọ́ iṣẹ́ kejì ni ₦122,040. Tí wọ́n bá ti fún awakọ̀ ní ₦4,000, ₦118,040 ló kù nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, bí aṣọ náà kò bá dé, ₦120,000 ni obìnrin yẹn máa béèrè, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Owó tó yẹ kó wà nílẹ̀ ti fi ₦1,960 dín kí ẹrù tó kúrò ní Ìsẹ́yìn rárá.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó dá irú ọjà yìí sílẹ̀ kì í rí àlàfo yìí, torí ó kéré lójú. Ṣùgbọ́n bí ẹrù 50 bá wà lójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà, àlàfo náà á ti di nǹkan bí ₦98,000, owó ẹni tó kẹ́yìn láti béèrè tirẹ̀ kò sì ní sí níbẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí ọjà fi owó ara rẹ̀ dí i ní ọjọ́ tí owó wọlé, kó sì gbà á padà lára ₦3,600 nígbà tí ọ̀rọ̀ bá parí. Èrè rẹ̀ lórí aṣọ yìí á wá jẹ́ ₦1,640. Ìwọ̀nba owó yẹn ló máa fi san owó ìpè, owó ìfiránṣẹ́ àti owó oṣù ẹni tó ń parí ìjà.

Níbo ni owó náà wà ní gbogbo àkókò yìí? Ìbéèrè yìí ló yẹ kí oníbàárà kọ́kọ́ bi ọjà èyíkéyìí. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà pín ìwé àṣẹ àwọn ilé iṣẹ́ ìsanwó sí ìsọ̀rí tuntun, ó sì sọ ọ́ kedere pé nínú wọn, àwọn tó ní àṣẹ owó orí fóònù nìkan ló lè máa tọ́jú owó oníbàárà. OPay àti PalmPay wà nínú ìsọ̀rí náà. Ẹni tó kàn dá ọjà sílẹ̀ lórí ayélujára kò sí nínú rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀nà tó tọ́ ni kí ọjà kékeré bá báńkì tàbí ilé iṣẹ́ tó ní àṣẹ ṣe àdéhùn, kí owó náà wà lọ́dọ̀ wọn nínú àkáǹtì ọ̀tọ̀, kí ọjà sì máa fún wọn ní àṣẹ láti tú u sílẹ̀ tàbí dá a padà. Tí owó bá ń wọ àkáǹtì tí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo wà lórí rẹ̀, kì í ṣe ẹ́síkírò mọ́. Owó ẹ ti wà lápò ẹlòmíràn nìyẹn.

Àkáǹtì ọ̀tọ̀ nìkan kò tó, torí ojú olówó lè wọ ibẹ̀. Owó ilé ìtajà ti pé láti san, milionu méjì owó olówó sì wà nílẹ̀, ọ̀la ni owó tirẹ̀ máa wọlé: bí ó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìdí nìyí tí ọjà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ fi máa ń ṣe ìṣirò kan láràárọ̀: gbogbo owó ẹrù tí kò tíì parí, ní àpapọ̀, gbọ́dọ̀ bá iye tó wà nínú àkáǹtì mu, kọ́bọ̀ pẹ̀lú kọ́bọ̀. Bí owó ẹrù tó wà lójú ọ̀nà bá jẹ́ ₦1,800,000, tí báńkì sì fi ₦1,550,000 hàn, ₦250,000 ti rìn. Kò sí àlàyé tó lè mú un bára mu àfi kí wọ́n dá owó náà padà. Oníbàárà kò lè rí ìṣirò yìí, àmọ́ àmì rẹ̀ máa ń hàn sí àwọn ọlọ́jà. Nígbà tí ẹni tó ń gba owó rẹ̀ ní wákàtí kan lẹ́yìn ìjẹ́rìí bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ pé “ẹ fún wa di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀,” ó ti ṣeé ṣe kí wọ́n máa fi owó oníbàárà tuntun san gbèsè ti àtijọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ẹrù náà. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ahunṣọ di aṣọ rẹ̀, ó gbé e lọ sí páàkì, ó fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Èkó, ó sì ya àwòrán wébíìlì tí wọ́n kọ fún un. Ó fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí ọjà, ó wá ní kí wọ́n san owó òun. Kí ló fi hàn? Pé ẹrù kan kúrò ní Ìsẹ́yìn. Wébíìlì kò sọ ohun tó wà nínú àpò, kò sì sọ pé ó dé. Ọjà tó bá tú owó sílẹ̀ torí wébíìlì kò ṣe ju báńkì tó ń fi owó ránṣẹ́ lọ. Ohun tí àwòrán yẹn tọ́ sí ni kí ọjà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹrù ti gbéra, kí oníbàárà má sì lè fagi lé e mọ́ láìjẹ́ pé ó ní ìdí.

Ọ̀nà tó dájú jù láti jẹ́rìí ni kóòdù. Nígbà tí obìnrin yẹn sanwó, nọ́mbà mẹ́fà wọ orí fóònù rẹ̀. Ẹni tó bá gbé ẹrù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó máa kà á fún, lẹ́yìn tó bá ti tú àpò wò. Ẹni náà á tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù tirẹ̀, ọjà á sì mọ̀ pé àwọn méjèèjì jọ dúró síbì kan pẹ̀lú ẹrù láàárín wọn. Àwọn jìbìtì mọ agbára kóòdù yìí. Wọ́n á pe oníbàárà pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi ni mò ń gbé ẹrù yín bọ̀, ẹ bá mi ka nọ́mbà tó wọ orí fóònù yín kí n lè jáde ní ọ́fíìsì.” Ẹni tó bá kà á ti tú owó ara rẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn. Kò sí ìdí kankan tí a fi ní láti ka kóòdù fún ẹni tí ẹrù kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú wa.

Kóòdù yìí wúlò fún ọlọ́kadà tí ọjà fúnra rẹ̀ rán. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì Ìsẹ́yìn kò ní tẹ kóòdù kankan. Tó bá dé páàkì, ẹ wá gbẹ́rù yín ni. Níbi tí ẹrù bá ti gba páàkì, ẹnu oníbàárà nìkan ni ẹ̀rí wà, ìṣòro tó ga jù nínú gbogbo ètò yìí sì ti dé: oníbàárà lè dákẹ́. Obìnrin náà gba aṣọ rẹ̀ ní ọjọ́rú, inú rẹ̀ dùn, ó gbé e fún télọ̀, ó sì gbàgbé. Kò gbèrò ibi. Àmọ́ ahunṣọ wà ní Ìsẹ́yìn, ẹrù ti lọ, owó kò wọlé, òwú tó fẹ́ rà fún iṣẹ́ mìíràn ti ń gbówó lórí.

Nítorí èyí ni ẹ́síkírò gbogbo fi ní aago. Bí àkókò kan bá kọjá láìsí ẹ̀sùn, owó á tú sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní Taobao, ọjọ́ 10 ni, lẹ́yìn tí ọlọ́jà bá ti fi ẹrù ránṣẹ́ nípasẹ̀ kúríà, oníbàárà sì lè bẹ̀bẹ̀ fún àfikún. Ṣáínà lè ka ọjọ́ láti ìgbà tí ẹrù gbéra, torí kúríà wọn ń fi ibi tí ẹrù dé hàn ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Tí a bá gbé òfin yẹn wá sí páàkì tiwa bó ṣe rí, aago á máa sáré nígbà tí bọ́ọ̀sì bàjẹ́ ní ojú ọ̀nà, owó á sì bọ́ sọ́wọ́ ọlọ́jà kí ẹrù tó dé. Èrò tèmi ni pé láti ìgbà tí ẹ̀rí bá wà pé ẹrù dé ni aago gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Fún ẹrù páàkì, ọjà lè fi ìpè kan dá ẹ̀rí náà sílẹ̀: kí òṣìṣẹ́ rẹ̀ pe oníbàárà ní ọjọ́ tí ẹrù yẹ kó dé, kó bi í bóyá ó ti gbà á, kó sì kọ ìdáhùn àti àkókò sílẹ̀. Láti ibẹ̀, wákàtí 72 tó láti tú àpò, wo aṣọ lójú oòrùn, kí èèyàn sì fẹ̀sùn kàn bó bá ní. Kí ìránnilétí wọlé ní ọjọ́ kìíní àti ọjọ́ kejì. Tí ẹ̀sùn bá wọlé kí wákàtí náà tó pé, aago dúró.

Ẹ jẹ́ ká ní ẹ̀sùn wọlé. Obìnrin náà tú àpò, ó bá ìró àti gèlè, kò rí ìpèlé. Ahunṣọ búra pé òun dì í sínú rẹ̀. Ìjà báyìí kò ṣeé fi ìbúra parí. Ọjà tó gbọ́n á ti sọ fún àwọn méjèèjì látìbẹ̀rẹ̀ ohun tó máa gbà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí: fídíò tí ọlọ́jà ṣe nígbà tó ń di ẹrù, tó fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan hàn títí ó fi dí ẹnu àpò pa, àti fídíò tí oníbàárà ṣe bó ṣe ń já ẹnu àpò náà. Ní tiwọn, oníbàárà ní fídíò, ahunṣọ kò ní. Wọ́n wá béèrè bóyá ó lè fi ìpèlé mìíràn ránṣẹ́. Òwú àlàárì yẹn ti tán. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé ₦20,000 ni ìpèlé tọ́ sí. Owó tó dúró náà wá pín báyìí: ₦20,000 padà sọ́dọ̀ obìnrin náà, lára ₦100,000 tó kù, ọjà yọ ìdá mẹ́ta tirẹ̀, ₦3,000, ahunṣọ gba ₦97,000. Bí a bá ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ₦120,000 náà ni. Ìpín tí kò bá ròpọ̀ dọ́gba báyìí, ẹnì kan ti jẹ nínú rẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ₦4,000 ọkọ̀ kò sí nínú ìpín yìí. Awakọ̀ ti gbé ẹrù, ó sì ti gba owó rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé gbogbo aṣọ náà ni obìnrin yẹn fẹ́ dá padà, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, ₦8,000, á wà lọ́rùn ẹnì kan. Ó yẹ kí ọjà ti kọ ọ́ sílẹ̀: ọlọ́jà ni bí ẹrù bá yàtọ̀ sí ohun tó polówó, oníbàárà ni bó bá kàn yí ọkàn padà.

Àwọn ibì kan wà tí agbára ètò yìí kò dé. Aṣọ inú àpẹẹrẹ wa jẹ́ èyí tí wọ́n ti hun tán. Bó bá jẹ́ pé oníbàárà ní kí wọ́n hun tuntun fún ẹbí rẹ̀, ahunṣọ nílò owó òwú kó tó jókòó sídìí òfì, owó tó há láàárín kò sì lè ra òwú. Àwọn kan máa ń tú ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mi ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ fún oníbàárà láìfi bò pé ààbò ti kúrò lórí apá yẹn. Bí ahunṣọ bá parẹ́, ìdá 60 nìkan ló máa rí gbà padà.

Ìkejì ni owó káàdì. Ẹni tó jí káàdì lè rajà, kó gba ẹrù, kó jẹ́rìí pé ó dé, kí owó tú sílẹ̀ fún ọlọ́jà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹni tó ni káàdì fẹjọ́ sùn ní báńkì, báńkì sì gba owó padà lọ́wọ́ ọjà. Ahunṣọ ti ná tirẹ̀, ẹrù ti lọ. Aago wákàtí 72 kò lè gba ọjà sílẹ̀ níbí. Ohun tó ń dín in kù ni kí ọjà gba owó ẹrù olówó gọbọi nípa fífi ránṣẹ́ láti àkáǹtì sí àkáǹtì, pàápàá lọ́wọ́ oníbàárà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kó sì máa wo inú àkáǹtì fúnra rẹ̀, kì í ṣe àwòrán álátì tí ẹnikẹ́ni fi ránṣẹ́. Álátì ayédèrú ti jẹ ọ̀pọ̀ ọlọ́jà lówó.

Ìkẹta burú jù, torí orúkọ ẹ́síkírò gan-an ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹnì kan á polówó fóònù tàbí mọ́tò ní owó pọ́ọ́kú, á gbà pé kí owó dúró láàárín, á sì dárúkọ ẹ́síkírò tí òun fẹ́ràn. Òun ló ni ẹ́síkírò náà. Ojú ewé rẹ̀ dára, àmì ààbò wà lórí rẹ̀, owó tó bá wọ ibẹ̀ kì í jáde. Ẹni tí yóò di owó mú kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ẹgbẹ́ kejì nìkan yàn. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí àkáǹtì, kí ẹ sì wò ó lórí ojú ewé Báńkì Àpapọ̀ bóyá ẹni tó ń tọ́jú owó náà ní ìwé àṣẹ. Bákan náà ni ọlọ́jà tó wà lórí ọjà gidi, tó wá ń sọ fún yín pé, “Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi tààrà, mo máa bu ₦5,000 kúrò fún yín.” Ìdá mẹ́ta ọjà ló fẹ́ yẹra fún, ó lè jẹ́ olóòótọ́. Àmọ́ nígbà tí owó bá ti gba ẹ̀yìn lọ, ọjà kò mọ̀ yín mọ́.

Bí ìjà bá kọjá agbára ọjà, ilé ẹjọ́ ẹjọ́ kékeré ti wà ní Èkó láti ọdún 2018 fún gbèsè tí kò ju milionu márùn-ún náírà lọ. Ohun tí adájọ́ máa béèrè níbẹ̀ ni àdéhùn tí ẹ jọ ṣe. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń rà, ẹ ka ojú ewé òfin ọjà kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì ìsanwó: ẹ wo ẹni tó ń tọ́jú owó, iye wákàtí tí aago ní, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, àti ẹni tó ń ru owó ọkọ̀ àbọ̀. Ẹ ya àwòrán ojú ewé náà kó wà lórí fóònù yín. Tí ọjà kan bá ní òun ń ṣe ẹ́síkírò, tí kò sì kọ nǹkan wọ̀nyí síbì kankan, ẹ má ṣe sanwó síbẹ̀.